Orúkọ Tí Kò Ní Àmì Lórí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Bí A Ṣe Ń Sọ Ilé-Iṣẹ́ Ìmọ́tótó Lórúkọ

Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Pátákó ni mo ń kọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ọ̀dà kọ orúkọ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn sára ògiri ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí àti ní Ọ̀yọ́, kí fúlẹ́ẹ̀sì tó dé tó sọ gbogbo wa di oníkọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n wá sọ bí ẹni tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ṣe lè yan orúkọ àti àmì ìdánimọ̀ tí kò ní wàhálà nínú. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tó ń fọ ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán, tó ń nu wíńdò báńkì, tó ń palẹ̀ gbọ̀ngàn ìnáwó mọ́ nígbà tí àlejò bá ti lọ, tó sì ń tún yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní Ọ́ńdà Jí.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀. Láti 1923 ni ilé-iṣẹ́ Lífà ti wà ní Nàìjíríà, ọ̀kan nínú ọṣẹ tí wọ́n sì tà fún wa títí ó fi di ti ìdílé ni èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta sára rẹ̀: O, M, O. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀, wọ́n ní ìyá arúgbó òwìwí ni ó dúró fún. O méjèèjì ni ojú ẹyẹ náà, M tó wà láàárín ni ẹnu rẹ̀. Ó dé ilẹ̀ Yorùbá, kò sẹ́ni tó rí òwìwí kankan níbẹ̀. Ọmọ ni a rí. Ẹ rò ó wò ná: ẹyẹ tó jẹ́ pé bí ó bá ké lóru, àwọn ìyá wa á ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, òun ni wọ́n kó wá fún wa, tí a sì gbé e pọ̀n. Lónìí, bí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá ṣe ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀, ọmọ la ó pè é, kódà a ó máa béèrè irú ọmọ tí alátẹ ní. Ẹni tó sọ orúkọ náà kọ́ ló fún un ní ohùn. Àwa tí a kà á ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà lónìí nìyẹn. Orúkọ Yorùbá tí o bá fún ilé-iṣẹ́ rẹ, ìhòòhò ni yóò máa rìn. Nínú ìwé àjọ CAC tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́tà ńlá lásán ni. Lórí fóònù ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí ọ, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Lórí rìsíìtì àti lára yunifọ́ọ̀mù, bákan náà ni. Àwa akọ̀wé-pátákó pàápàá, kí n jẹ́wọ́, bí oníbàárà bá ti ń dúnàá dúrà, àmì ohùn la máa ń kọ́kọ́ yọ. Nítorí náà, orúkọ tó bá rẹwà nígbà tí o bá pè é, ṣùgbọ́n tó ń yí padà nígbà tí wọ́n bá bọ́ àmì rẹ̀, wàhálà ni o fi ń sọ ọmọ.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló tún burú jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti kọ pátákó fún, torí àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, wọ́n sì ní ìbejì tó níwà burúkú. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé iṣẹ́ wá fún mi. Orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni Ẹ Jẹ́ Ká Fọlé. Nígbà tó pè é létí mi, ó dùn. Mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ sára báàkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà láìfi àmì kankan sí i, bó ṣe fẹ́: E JE KA FOLE. Ní ọjọ́ kìíní iṣẹ́, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé ẹnu géètì ilé alájà kan. Ọlọ́dẹ ka ara báàkẹ́ẹ̀tì, ó wo ojú wọn, ó tún ka á, ó wá tẹ ọ̀gá rẹ̀ láago: “Bàbá, àwọn kan wà níbí o. Wọ́n ní àwọn wá fọ́lé. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára báàkẹ́ẹ̀tì.” Èmi ni mo tún gbogbo báàkẹ́ẹ̀tì náà kùn lọ́fẹ̀ẹ́, torí mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tó pe tirẹ̀ ní Àfọ̀mọ́, bí àmì bá ti bọ́, AFOMO ló kù, ẹni tó bá mọ oko yóò sì kà á sí àfòmọ́, ewé tí kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, tó ń jẹ lára igi olóko. Ẹni tó fẹ́ràn ìgbálẹ̀, IGBALE ni yóò kọ, ní ìlú tí eégún ti ń jáde, tí igbàlẹ̀ jẹ́ igbó tí obìnrin kì í dé. Obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀! Mímọ́ ńkọ́? MIMO kò ní ìtumọ̀ burúkú, ṣùgbọ́n ìjọ ni gbogbo ènìyàn yóò rò pé o dá sílẹ̀. Ìwẹ̀nùmọ́ burú ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá pè ọ́ yóò béèrè bóyá kí òun gba ààwẹ̀ kí ẹ tó dé.

Ó ku àwọn orúkọ tí kò ní ìbejì, àmọ́ tí wọ́n ní ìtàn. Ọmọ ogún ọdún kan sọ fún mi pé òun fẹ́ Wolé-wolé, torí ó ń dún bí orin. N kò dá a lẹ́bi. Kò mọ àwọn wolé-wolé tó ń ṣí ìkòkò omi ìyá ìyá rẹ̀ wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ìwé sàmọ́ọ̀nù fún un. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní Ọ̀yọ́, tí í ṣe ẹni tó ní ilé, tó sì lówó láti san, ìbẹ̀rù ni orúkọ yẹn yóò rán an létí.

Ẹ jẹ́ ká wá fi àpẹẹrẹ kan ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ká ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ní Òwòdè ní Ọ̀yọ́, àbúrò kàwé tán ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, ó sì dúró sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n fi orúkọ Ọ̀yọ́ sí i. Mo máa kọ̀ ọ́. Ẹni tó wà ní Ṣakí tàbí Ìbàdàn kò ní mọ̀ bóyá ìlú lo ń wí tàbí ìpínlẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ á sì béèrè ìdí tí tiwọn kò fi sí níbẹ̀. Àbúrò ní kí wọ́n pè é ní Ìmọ́tótó Tí Ó Péye Ti Olúwa Ni. Orúkọ gígùn! Ṣé ẹ rántí bí ìlú yìí ṣe jẹ́ orúkọ tirẹ̀? Ìtàn ní Ṣọ̀ún Ògúnlọlá pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, ó gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin, ni wọ́n bá ń pè é ní Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ẹnu ènìyàn gé e, ó gé e, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Orí tí ó gbé gan-an ti bọ́ kúrò nínú orúkọ. Bí ẹnu bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìtàn akíkanjú, kí ni yóò ṣe sí orúkọ ilé-iṣẹ́ yín? Ìwọ fúnra rẹ ni kí o gé e kí o tó gbé e jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ènìyàn á máa pè yín ní “àwọn ọmọ tó ń fọlé yẹn.”

Wọ́n jókòó, wọ́n kó orúkọ márùn-ún sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwé láìfi àmì sí i, kí wọ́n gbé e fún ẹni mẹ́ta: ọmọ ilé-ìwé, ìyá ọlọ́jà kan, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kì í ṣe Yorùbá. Kí wọ́n má sọ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ni. Kí wọ́n kàn ní kí ó kà á sókè. Kì í ṣe ohun tí ẹni náà sọ nìkan ni wọ́n ń tẹ́tí sí; ibi tó ti dúró ni. Ẹni tó bá dúró díẹ̀ kó tó kà á ti rí ọ̀nà méjì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀kan nínú wọn dúró sí Táàkì nígbà tí ọ̀kadà ń pariwo, kí ó pe ẹnì kan tí kò tíì gbọ́ orúkọ náà rí, kí ó sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni náà sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀.

ILEMO ṣubú: ìyá ọlọ́jà rò pé ilé ọmọ ni, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn. TONITONI kọjá láìsí ìdúró, torí kò sí ẹni tí kò mọ ilé tó mọ́ tónítóní. Àbùkù rẹ̀ yàtọ̀, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀. Èyí tó yege ju gbogbo wọn lọ ni KEDERE. Ẹ pè é wò: kedere. Ohùn àárín ni ó gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní àmì lórí, kò ní àmì nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá bọ́ ọ sí ìhòòhò, kò sí aṣọ tó sọnù lára rẹ̀. Gbogbo wa ló ń sọ pé nǹkan hàn kedere, bí ìgbà tí a bá ń wo ìta láti inú gíláàsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe Yorùbá náà kà á dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìlà kejì yóò ṣe wà lábẹ́ orúkọ, ní lẹ́tà kékeré, láti sọ pé iṣẹ́ ìmọ́tótó ni.

Ọ̀rọ̀ òfin wà níbẹ̀, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó fẹ́ràn Kedere jù, kí wọ́n lọ wá a nínú àkójọ orúkọ CAC, torí ẹlòmíràn lè ti gbà á. Àjọ náà kì í gba orúkọ tó bá jọ ti ẹlòmíràn débi tí yóò da ènìyàn rú. Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò láìgba àṣẹ, irú bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìjọba àpapọ̀, ti orílẹ̀-èdè, tàbí ti ìpínlẹ̀. Ká ní ẹ̀gbọ́n fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìpínlẹ̀ kún orúkọ Ọ̀yọ́ tó fẹ́, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti dá a padà. Bí orúkọ bá ṣí sílẹ̀, wọn yóò pa á mọ́ dè ọ́ fún 60 ọjọ́ kí o fi parí ìforúkọsílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìwé CAC kì í ṣe ìwé àmì-òwò. Àmì-òwò ní òfin tirẹ̀ láti 1965, Àbújá sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Wọ́n pín iṣẹ́ àti ọjà sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Ti fífọ ilé wà ní ìsọ̀rí 37, pẹ̀lú aṣọ fífọ̀ àti pípa kòkòrò inú ilé. Bí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọdún 7 ni yóò kọ́kọ́ lò, tí a bá tún un ṣe, ó di ọdún 14 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àbùkù Tónítóní hàn níbí. Ọ̀rọ̀ tó bá ń sọ ní tààrà bí iṣẹ́ náà ṣe dára tó, òfin kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbà á mọ́wọ́, torí gbogbo onímọ́tótó ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé iṣẹ́ òun mọ́ tónítóní. Orúkọ ìlú àti orúkọ ìdílé náà ní irú ìṣòro yìí. Kedere kò sọ pé ilé mọ́. Ojú ló bá sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ là ju ti Tónítóní lọ.

Ó wá ku pátákó, ibi tí mo ti mọ ohun tí mò ń sọ jù lọ. Òṣùwọ̀n tí àwa akọ̀wé ń lò ni pé lẹ́tà tó ga ní ínṣì kan, ojú máa ń kà á dáadáa láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ẹni tó wà nínú mọ́tò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ ka pátákó yín láti bí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ti kọjá. Ìyẹn ni pé lẹ́tà gbọ́dọ̀ ga tó ínṣì mẹ́wàá. Lẹ́tà tó ga tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ń gba bí ínṣì mẹ́jọ ààbọ̀ ní fífẹ̀. Lẹ́tà mẹ́fà ni KEDERE ní, ínṣì 51, kò pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀. Lórí pátákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́jọ, àyè ṣì wà fún àmì àti nọ́ńbà fóònù. Ẹ wá fi orúkọ gígùn àbúrò yẹn sí i, tó lé ní ogún lẹ́tà. Bí a bá pè é ní mẹ́rìnlélógún, ínṣì mẹ́rin péré ló kan lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, gíga rẹ̀ kò ní tó ínṣì márùn-ún, kò sì sí ẹni tí yóò kà á àfi ẹni tó bá ti sún mọ́ ọn tó bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹni tó bá ti sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ wọlé yín tán.

Ní ti àmì, ìgbálẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ mú wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Láti 2013 ni ẹgbẹ́ òṣèlú APC ti ń fi ìdì ìgbálẹ̀ ṣe àmì. Bí o bá ya á sára ọkọ̀, ìdajì oníbàárà rẹ yóò ti pinnu ìbò rẹ kó tó béèrè iye owó. Ẹ̀kán omi ńkọ́? Ti omi inú ọ̀rá ni. Mo ti kọ ọ́ sára ilé-iṣẹ́ omi tó ju ogún lọ.

Fún Kedere, wíńdò ni mo máa yà. Igun mẹ́rin dọ́gba, gíláàsì mẹ́rin. Mẹ́ta kún fún ọ̀dà, ọ̀kan ṣófo. Èyí tó ṣófo ni èyí tí wọ́n ti nù. Ó tán. Kò sí ọwọ́ nínú rẹ̀, kò sí ìràwọ̀, kò sí fóòmù. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni páálí tí a fi ń tẹ lẹ́tà sára báàkẹ́ẹ̀tì. A máa ń gé lẹ́tà jáde nínú páálí, tàbí nínú fíìmù dúdú tí wọ́n fi ń ya egungun ní ọsibítù, a ó gbé e lé ara báàkẹ́ẹ̀tì, a ó sì fi ọ̀dà nù ún. Ohunkóhun tí ọ̀dà bá yí ká yóò já bọ́ sílẹ̀ bí o bá ti gé e tán. Nínú KEDERE, K àti E kò ní ìṣòro, àmọ́ inú D àti inú R yóò já bọ́, àyàfi bí o bá fi afárá tín-ín-rín so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́. Gíláàsì mẹ́ta yẹn dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan kò ní já bọ́. Àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ mọ èyí kí wọ́n tó bí bàbá mi: ibi tí ọ̀bẹ kò dé gan-an ni ó ń ya àwòrán.

Ẹ tún dán an wò lọ́nà méjì. Ẹ fi ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì dúdú ya á, kí ẹ tún fi ẹ̀dà yẹn ya ẹ̀dà mìíràn, torí ohun tí ilé-ìwé máa ń ṣe sí ìwé iye owó yín nìyẹn. Bí gíláàsì tó ṣófo bá ṣì hàn nínú ẹ̀dà kejì, ó dára. Kí ẹ sì fi í sí ojú Wáàsáàpù yín. Òbìrípo ni ibẹ̀. Yóò gé igun àwòrán kúrò. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ yí i ká.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ti tó, pẹ̀lú funfun. Kí funfun má jẹ́ ti aṣọ o, eruku pupa ọ̀nà wa kò ní jẹ́ kí ó dé ọ̀sán. Pupa pẹ̀lú funfun, ní Ọ̀yọ́, ti Ṣàngó ni, kò sì sí àlàyé tí o lè ṣe tí kò ní rí bẹ́ẹ̀. Búlúù tó ṣú bí aró ni mo yàn. Nínú ọ̀dà tí ẹ̀rọ fúlẹ́ẹ̀sì ń tẹ̀, pupa àti yẹ́lò ni oòrùn ń kọ́kọ́ jẹ. Búlúù àti dúdú ló ń pẹ́. Gbogbo yín ti rí fúlẹ́ẹ̀sì tí ojú ẹni inú rẹ̀ ti di búlúù lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ kúkú bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oòrùn máa parí rẹ̀ sí. Kí ẹ mú aṣọ kékeré kan tí ó ní àwọ̀ gan-an tí ẹ fẹ́, kí ẹ máa gbé e fún ẹni tó ń ṣe mọnógíráàmù àti ẹni tó ń kun ọ̀dà, torí búlúù inú fóònù kan kì í ṣe búlúù inú fóònù kejì.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá mú ìwé pé CAC ti pa orúkọ náà mọ́ fún yín dání, n kò ní gba owó pátákó lọ́wọ́ yín. Èmi kò tún báàkẹ́ẹ̀tì kùn lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́.